Yíya ojú skírìnì iPad: bọ́tìnnì ni o, àbí fífa pẹ́ńsùlù láti igun?

Olùkọ́ Àmì-Ohùn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, orí iPad ni mo sì ti ń yẹ iṣẹ́ àṣetiléwá wọn wò. Fáìlì PDF olójú-ewé púpọ̀ ni iṣẹ́ náà máa ń jẹ́, ṣùgbọ́n ojú ewé kan ṣoṣo tí ọmọ ti ṣi àmì ohùn fi ni mo máa ń fẹ́ yà sọ́tọ̀, kí n fi ìlà pupa yí àṣìṣe náà ká, kí n sì fi í ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀ lórí WhatsApp. iPad Air ìran karùn-ún ni mo ní, èyí tí kò ní bọ́tìnnì roboto lójú, Apple Pencil ìran kejì sì wà lọ́wọ́ mi.

Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì méjèèjì pọ̀, nígbà mìíràn ohùn ló máa ń lọ sókè, nígbà mìíràn ojú ẹ̀rọ á ṣókùnkùn lójijì, ó sì tún máa ń bi mí nígbà mìíràn bóyá mo fẹ́ pa á pátápátá. Wọ́n ní mo lè fi pẹ́ńsùlù fa ojú skírìnì láti igun dípò bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n ìlà gbọọrọ kan ló máa ń hàn lórí iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ nígbà tí mo bá dán an wò. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló fà á?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Àǹtí Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Kò le rárá. Bọ́tìnnì tó wà lórí àti bọ́tìnnì roboto tó wà nísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ ni ẹ máa tẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì gbé ọwọ́ kúrò kíákíá. Bí gbogbo iPad ṣe rí nìyẹn, èmi ti ń lò ó láti ọjọ́ pípẹ́. Ti pẹ́ńsùlù, pẹ́ńsùlù yòówù kó jẹ́ ló máa ń ṣe é, ẹ ṣáà ti rí i pé ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun.

Alátùn-únṣe Ìkẹjà

Àbúrò mi láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ohun tí o sọ nípa bọ́tìnnì roboto tọ̀nà fún irú iPad tí o ní, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Àǹtí. Wọ́n ti sọ ọ́ kedere pé tiwọn kò ní bọ́tìnnì yẹn. Àwọn iPad tó ṣì ní in, títí dé ìran kẹsàn-án tó jáde ní ọdún 2021, ni a máa ń tẹ bọ́tìnnì òkè àti bọ́tìnnì roboto pọ̀ fún. Lórí àwọn tí kò ní in, bọ́tìnnì òkè àti ọ̀kan nínú bọ́tìnnì ohùn méjèèjì ni. Èyíkéyìí nínú méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ èyí tó ń gbé ohùn sókè tàbí èyí tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Àǹtí, àwọn nǹkan mẹ́ta tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, ìdí kan náà ló wà lẹ́yìn wọn: àkókò tí ìka kọ̀ọ̀kan dé orí bọ́tìnnì tirẹ̀. Bí ìka orí bọ́tìnnì ohùn bá ṣáájú, ẹ̀rọ ti gbà pé ohùn ni ẹ fẹ́ yí padà, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí òṣùwọ̀n ohùn lójú skírìnì. Bí ti òkè bá ṣáájú tí ẹ sì ti jù ú sílẹ̀ kí ìka kejì tó dé, ó ti gbà pé ẹ fẹ́ kí òun sùn, ojú rẹ̀ á sì ṣókùnkùn. Bí méjèèjì bá wá bọ́ sákòókò kan náà, àmọ́ tí ẹ di wọ́n mú pẹ́, ẹ̀rọ á kà á sí pé ẹ fẹ́ pa òun, nítorí bọ́tìnnì méjì yẹn náà la máa ń dì mú láti pa á. Bí ojú ìwé pípa yẹn bá ti yọ, ẹ má ṣe fa nǹkan kan. Ẹ tẹ `Cancel` nísàlẹ̀, iṣẹ́ yín kò ní sọnù.

Ohun tí mo máa ń fi han àwọn oníbàárà mi ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìka sinmi lórí bọ́tìnnì méjèèjì láìtẹ̀ wọ́n. Lórí Air tiyín, bí ẹ bá gbé e dúró lóòró, bọ́tìnnì òkè wà lórí lápá ọ̀tún, ti ohùn sì wà létí ọ̀tún kan náà, nítòsí òkè. Ẹ lè fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan mú igun yẹn: ìka ìlábẹ̀ lórí bọ́tìnnì òkè, àtàǹpàkò lórí ti ohùn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fún igun náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni fún ọsàn wẹ́wẹ́, kí ẹ sì jù ú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ojú skírìnì á kọ mànà, àwòrán kékeré kan á sì jókòó sí igun òsì nísàlẹ̀. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, yóò lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, àwòrán náà á sì wà nínú `Photos`. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án kó tó lọ, ojú ìwé àtúnṣe á ṣí, ibẹ̀ ni ẹ ti máa fa ìlà pupa yín.

Ẹ yẹ késì tí ẹ fi bò ó wò pẹ̀lú. Mo ti rí i tí rọ́bà késì nípọn débi pé ẹni tó tẹ bọ́tìnnì ohùn ń tẹ rọ́bà lásán, tàbí pé rọ́bà náà ti ń tẹ bọ́tìnnì fúnra rẹ̀. Ẹ bọ́ ọ kúrò, kí ẹ tún dán an wò, kí ẹ tó gbà pé ọwọ́ yín ni.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá

Ẹ kú àṣeyọrí o. Èmi náà ní ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ yìí. iPad tí ilé ìwé fún ọmọ-ọmọ mi, bí a bá tẹ bọ́tìnnì méjèèjì bí ẹ ti wí gan-an, kò sí àwòrán kankan tó ń yọ. Mo ti tẹ̀ ẹ́ títí ó fi sú mi. Ṣé bọ́tìnnì rẹ̀ ló bàjẹ́ ni, kí n gbé e wá sí Ìkẹjà? Ọmọ náà ní òun nílò rẹ̀ fún iṣẹ́ ìṣirò.

Alátùn-únṣe Ìkẹjà

Màmá, ẹ má tíì san owó ọkọ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ohùn nìkan, kí ẹ wò bóyá ohùn ń lọ sókè. Ẹ tẹ bọ́tìnnì òkè nìkan, kí ẹ wò bóyá ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn. Bí méjèèjì bá dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ohun tó ṣe bọ́tìnnì. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí `Settings`, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sókè pátápátá. Bí ẹ bá rí i níbẹ̀ pé àjọ kan ló ń darí iPad náà, ilé ìwé ló ń darí rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì lè ti ti ilẹ̀kùn yíya ojú skírìnì pa, pàápàá nítorí ìdánwò. Bí ìyẹn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí alátùn-únṣe tó lè ṣí i fún yín. Olùkọ́ tó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ náà ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀.

Ayàwòrán Òṣogbo

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí ti pẹ́ńsùlù, nítorí iṣẹ́ oòjọ́ mi ni. Orí iPad ni mo ti ń ya àwòrán ìwé àwọn ọmọdé, pẹ́ńsùlù yìí kì í sì í kúrò lọ́wọ́ mi.

Àǹtí Olùkọ́, ìlà gbọọrọ tí ẹ ń rí yẹn fi hàn pé ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé. Igun tí a ń sọ kì í ṣe igun ojú ewé PDF, kì í sì í ṣe ibi tí ìmọ́lẹ̀ skírìnì ti bẹ̀rẹ̀ pàápàá. Ẹ wo etí dúdú tó yí gíláàsì ká. Orí etí dúdú yẹn ni kí orí pẹ́ńsùlù ti kọ́kọ́ balẹ̀, ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì gan-an. Láti ibẹ̀ ni kí ẹ ti fà á wọ inú skírìnì ní ìdábùú, bí ẹni ń lọ sí àárín, láìgbé e sókè. Bí ó bá ti mú, ẹ ó rí i pé gbogbo ojú skírìnì ń súnkì tẹ̀lé ọwọ́ yín bí ìwé tí a ń fà kúrò lórí tábìlì. Nígbà náà ni kí ẹ gbé pẹ́ńsùlù. Bí ohun tí ẹ rí kò bá súnkì, tí ó jẹ́ ìlà ló ń yọ, kò tíì mú. Ẹ pa ìlà náà rẹ́, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìta.

Igun ìsàlẹ̀ ni o, kì í ṣe ti òkè. Ohun tí ẹ̀rọ sì ń pè ní ìsàlẹ̀ ni ìsàlẹ̀ bí ẹ ṣe gbé e dání lákòókò yẹn. Bí ẹ bá yí iPad sí ìbú, igun náà yí padà pẹ̀lú.

Nǹkan mìíràn wà tó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú. Igun òsì ni wọ́n ṣètò fún yíya ojú skírìnì láti ilé iṣẹ́ wá, ṣùgbọ́n láti ọdún 2021 tí iPadOS 15 ti dé, igun ọ̀tún ń ṣí ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní `Quick Note`. Nítorí náà, bí ẹ bá fa pẹ́ńsùlù tí bébà kékeré òfìfo kan bá yọ sí igun dípò kí skírìnì súnkì, igun kejì ni ẹ fà. Ẹ lọ sí ibi yìí bí ẹ bá fẹ́ yí i padà:

```
Settings > Apple Pencil > Left Corner Swipe
Settings > Apple Pencil > Right Corner Swipe
```

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohun mẹ́ta tí ẹ lè yàn: `Screenshot`, `Quick Note` tàbí `Off`. Alọ́wọ́ òsì ni mí, nítorí náà igun ọ̀tún ni mo gbé yíya skírìnì sí, kí àtẹ́lẹwọ́ mi má baà máa dí ọ̀nà. Igun òsì, mo pa á pátápátá. Ó ní ìdí: bí mo bá ń kun ilẹ̀ àwòrán láti etí, pẹ́ńsùlù mi máa ń ti ìta wọlé, ẹ̀rọ á sì ya skírìnì nígbà tí èmi ń gbé ọ̀dà. Ẹni tó bá ń ya àwòrán tó kún ojú skírìnì, mo gbà á nímọ̀ràn pé kó yan `Off` fún igun méjèèjì, kó sì máa lo bọ́tìnnì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbà pé iPad yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n ti pẹ́ńsùlù, mi ò tíì gbà. Èyí tí mo rà ní ọjà kì í ṣe Apple Pencil, bẹ́ẹ̀ bí mo bá fi fà á láti igun, ó ń ya ojú skírìnì. Ẹ wá sọ fún mi bí ó ṣe ń ṣe é.

Alátùn-únṣe Ìkẹjà

Pẹ́ńsùlù tí a ń tà lọ́jà pín sí oríṣiríṣi. Èyí tó ní orí rọ́bà rírọ̀ kò yàtọ̀ sí ìka lójú ẹ̀rọ. Bí ó bá jẹ́ irú ìyẹn lo ní, lọ wo `Settings > Multitasking & Gestures`, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti ń ṣètò fífi ìka fa igun. Ìka náà lè ya skírìnì láti igun bí a bá yan `Screenshot` fún un, pẹ́ńsùlù rẹ á sì máa jẹ àǹfààní ìka. Pa á níbẹ̀, kí o tún fà á, o ó mọ̀ bóyá ìka ló kà á sí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Orí tèmi kò rọ̀, ike líle ni. Mo ti pa ti ìka, ó sì ṣì ń yà á. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà.

Ayàwòrán Òṣogbo

Ti ọ̀rẹ́ mi kan tó ra irú rẹ̀ kò ṣe é rárá, lórí iPad kan náà pẹ̀lú tèmi. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ṣe tìẹ ti jẹ́ kí iPad dá a mọ̀ bíi pẹ́ńsùlù tòótọ́, kí ti ọ̀rẹ́ mi má rí bẹ́ẹ̀. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ rà á nítorí igun yìí nìkan, kó dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á kó tó san owó.

Olùkọ́ Àmì-Ohùn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Fífún igun pọ̀ yẹn ti ṣiṣẹ́, òṣùwọ̀n ohùn kò yọ mọ́. Pẹ́ńsùlù náà ti mú láti etí dúdú, skírìnì sì súnkì bí ẹ ti wí. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ tí kò yé mi. Ọmọ kan kọ «Baba lo si oko» láìfi àmì kankan sí i, mo sì fi pẹ́ńsùlù ya ojú ewé náà. Mo fi ìlà pupa yí «oko» ká, mo kọ «oko» àti «ọkọ̀» sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú àmì ìbéèrè, kí òbí rẹ̀ lè bi í bóyá oko ni bàbá lọ àbí ibi tí ọkọ̀ wà. Ẹnìkan pè mí lórí fóònù, mo kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo wọ `Photos`, kò sí nǹkan kan.

Alátùn-únṣe Ìkẹjà

Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti yà sọ́tọ̀ gan-an nìyẹn, Àǹtí. Èyí tí ẹ fi bọ́tìnnì yà máa ń pa ara rẹ̀ mọ́ bí ẹ bá fi àwòrán kékeré igun yẹn sílẹ̀. Èyí tí ẹ fi pẹ́ńsùlù yà máa ń gbé yín lọ tààrà sí ojú ìwé àtúnṣe, ó ń dúró de ìpinnu yín níbẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ tẹ `Done` kí ẹ tó kúrò, kí ẹ sì yan `Save to Photos`. Ẹ ṣọ́ra fún `Delete Screenshot` tó wà nínú àtòjọ kan náà. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ kò fẹ́ kí àwòrán akẹ́kọ̀ọ́ kún inú ẹ̀rọ yín, `Copy and Delete` wà níbẹ̀: yóò dà á kọ sí ìrántí ẹ̀rọ, yóò sì pa á rẹ́, ẹ ó wá lẹ̀ ẹ́ tààrà sínú WhatsApp.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé é, ọmọ mi. Mo ka òkè `Settings` bí ẹ ti wí, orúkọ ilé ìwé ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ti kọ ìwé sí olùkọ́ wọn. Ṣùgbọ́n lórí tèmi gan-an, èyí tí àwọn ọmọ rà fún mi, àwòrán kékeré tí ẹ ń sọ pé ó máa ń jókòó sí igun òsì kì í jókòó síbẹ̀. Ńṣe ló ń gba gbogbo ojú skírìnì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iPadOS rẹ̀ dé tuntun ni.

Alátùn-únṣe Ìkẹjà

iPadOS 26 ló mú ìyẹn wá, Màmá. Bí ẹ bá ti yà á, ó ń ṣí i tóbi lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ èyí àtijọ́ padà, ẹ lọ síbi yìí, kí ẹ sì pa `Full-Screen Previews`:

```
Settings > General > Screen Capture
```

Olùkọ́ Àmì-Ohùn

Ìbéèrè kan ṣẹ́kù. Mo fẹ́ fi ìtàn kan tó wà lórí ìkànnì ayélujára ránṣẹ́ sí àwọn òbí, ó sì gùn ju ojú skírìnì lọ. Ṣé kí n máa yà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni?

Ayàwòrán Òṣogbo

Bí ẹ bá wà nínú Safari, ẹ yà á lẹ́ẹ̀kan, ìbáà jẹ́ bọ́tìnnì tàbí pẹ́ńsùlù, kí ẹ ṣí ojú ìwé àtúnṣe rẹ̀, kí ẹ sì tẹ `Full Page` lókè. Gbogbo ìtàn náà láti orí dé ìsàlẹ̀ ló máa wọlé, ẹ sì lè fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí ibikíbi nínú rẹ̀. PDF ni yóò máa jẹ́ bí ẹ bá pa á mọ́ sínú `Files`. Àwọn òbí tó ń lo fóònù kékeré máa ń ṣàròyé pé PDF gígùn bẹ́ẹ̀ ṣòro kà, nítorí pé ojú ewé kan ṣoṣo ló gùn lọ bí ọ̀nà Ìbàdàn. Fún irú wọn, èmi á ya ìpínrọ̀ tí mo fẹ́ kí wọ́n kà nìkan, kí n gé etí rẹ̀, kí n sì fi ránṣẹ́ bí àwòrán.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo tún dán pẹ́ńsùlù mi wò láàárọ̀ yìí. Ó mú láti igun òsì, kò mú láti igun ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ `Screenshot` ni mo yàn fún méjèèjì. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, kó jọ̀wọ́ sọ ohun tí tirẹ̀ ń ṣe fún mi.